Ìbéèrè táwọn tíṣà ń bi mí lórí kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tuntun: báwo la ṣe fẹ́ kúrò ní "mo ti parí skíìmù" bọ́ sórí "kí lọmọ lè ṣe"?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, láti pírámárì dé sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, kí n tó di ẹni tó ń lọ láti iléèwé kan sí òmíràn láti bá àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi jókòó lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Láti 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tí wọ́n tún ṣe jáde, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ ò yí padà, yálà ní ìlú ńlá ni o tàbí ní abúlé. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn tá a bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti pa.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yàtọ̀ gan-an nínú èyí tá à ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n ní ká máa ṣe báyìí?

Ibi tí tíṣà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú ẹ̀ ló yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ṣí skíìmù tí mo rí "èrè àti àdánù, ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún", ohun tí mo máa bi ara mi ni pé kí ni mo fẹ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù. Mo á kọ ìtumọ̀, mo á kọ fọ́múlà, mo á ṣe àpẹẹrẹ méjì, mo á fún wọn ní mẹ́wàá ṣe, mo á máàkì, ọ̀gá á sáìnì nóòtù mi, ó parí. Báyìí, ohun tí wọ́n fẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yìí, kí lọmọ máa lè fi èrè àti àdánù ṣe tí mi ò bá sí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un pé ìṣirò èrè ló wà níwájú ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdáhùn sí ìyẹn, ẹ wá máa padà sẹ́yìn wo ohun tí ẹ máa kọ́ ọ kó tó lè ṣe é. Tópíìkì yẹn náà ni o, ìwé yẹn náà ni, àmọ́ ẹ̀yìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé síkíìlì tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe télọ̀ àti irun ṣíṣe?

Èyí ló ń da àwọn èèyàn rú jù, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Nínú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù 2025 yẹn lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, bíi aṣọ rírán, fífi sólà sílé, títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, ẹran ọ̀sìn, àti pé wọ́n dín iye sọ́bujẹ́ẹ̀tì kù, kó jẹ́ pé ọmọ pírámárì kìn-ín-ní sí ìkẹta ò ní ṣe ju mẹ́wàá lọ. Ìyẹn làwọn ìwé ìròyìn gbé, ìyẹn náà làwọn òbí gbọ́, ọ̀pọ̀ tíṣà ìṣirò àti tíṣà gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ lọ́kàn ara wọn pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn mí, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn.

Ó kàn yín. Kíka ìwé lẹ́tà kan kéèyàn mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni, síkíìlì ni. Kéèyàn wo bíìlì kó rí i pé wọ́n ti ṣì í ṣírò, síkíìlì ni. Sọ́bujẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ ò sì nílò ẹ̀rọ ìránṣọ kankan fún un.

Ṣebí wọ́n ti gbé irú èyí wá rí, kí ló mú yín rò pé èyí máa yàtọ̀?

Wọ́n ti gbé e wá rí, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn, pé ọmọ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe nǹkan. Ìjọba ra ẹ̀rọ Ìńtírò Tẹ́ẹ̀kì láti òkè òkun, wọ́n pín in fáwọn iléèwé, ibòmíràn ò níná, ibòmíràn ò ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa gbé e sí, ibòmíràn ò sì ní tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò, bí àpótí ẹ̀rọ ṣe jókòó nìyẹn títí ìpẹtà fi mú un. Àwọn tó lọ síléèwé nígbà yẹn á rántí.

Mi ò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé eléyìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ni gbogbo ojú wà lára, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ bèèrè pé ọjọ́ Tuesday tí tíṣà bá wọ kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kí ló máa ṣe tó yàtọ̀ sí èyí tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Ẹ mú tópíìkì kan, ẹ ṣe é níṣojú wa. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbogbòò tó.

Ó dáa, èrè àti àdánù náà la máa lò, ti pírámárì márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni skíìmù fún un, pírọ́ọ̀dù mẹ́wàá, ogójì ìṣẹ́jú ìkọ̀ọ̀kan.

Pírọ́ọ̀dù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ fún wọn pé owó tá a tà á, ẹ yọ owó tó ná wa kúrò níbẹ̀, ìyókù ni èrè, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ ìdá ẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, orí owó tó ná wa lẹ máa gbé e lé. Wọ́n ṣe mẹ́wàá nínú ìwé, mo máàkì. Mò ń sọ èyí nítorí àwọn kan rò pé kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tuntun ní kí tíṣà má kọ́ni mọ́, kó kàn da ọmọ sínú gúrúùpù kí wọ́n máa wá ọ̀nà fúnra wọn. Ẹ kọ́ wọn o.

Pírọ́ọ̀dù kẹrin, mo gbé rọ́bà gàrí kan wọlé. Kọ́ńgò mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, mo sọ fún wọn pé 1,200 náírà ni mo ra kọ́ńgò kan, ọkọ̀ tó gbé mi 400, ọ̀rá tá a máa fi dì í 200. Mo gbé agolo mílíìkì kalẹ̀, mo ní agolo-agolo la máa tà á, 180 náírà ni agolo kan láàdúgbò yìí. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé a máa jèrè, ó sì máa tó èló?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gúrúùpù kan wọn gàrí náà, wọ́n rí agolo 36. Gúrúùpù kejì wọn gàrí kan náà, wọ́n rí 40. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ẹ ti jẹ nínú ẹ̀, àwọn kan ní ẹ ò mọ̀ ọ́n kà. Mo dákẹ́, mi ò dá sí i, títí ọmọbìnrin kan tí ìyá ẹ̀ ń tajà fi sọ pé, "Àǹtí, àwọn yẹn ń gbá orí ẹ̀ ni, àwa jẹ́ kó ga." Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé ìṣirò kankan tí mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni ìyàtọ̀ láàárín èrè kan sí òmíràn. Wọ́n bá pinnu pé kó ga ni wọ́n máa tà á, torí pé oníbàárà ò ní ra èyí tí wọ́n gbá lórí.

Pírọ́ọ̀dù karùn-ún, wọ́n ṣírò. Owó tó jáde lọ́wọ́ wa jẹ́ 5,400. Agolo 36 lọ́nà 180 jẹ́ 6,480. Èrè 1,080, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún géérégé. Gbogbo gúrúùpù ló gbà á, inú wọn dùn. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, mo ti fún wọn ní mẹ́wàá lórí mẹ́wàá, mo ti bọ́ sí tópíìkì tó kàn.

Pírọ́ọ̀dù kẹfà, mo ní kí ọmọ méjì wá ṣe oníbàárà. Ẹni àkọ́kọ́ ra agolo márùn-ún, ó sanwó, ó sì dúró. Ó ń wo ojú ẹni tó ń tajà. Ẹni tó ń tajà náà ń wò ó. Ó wá sọ pé, "Ènì mi ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń tajà bu agolo kan sí i. Mo ní ó dáa, tí gbogbo ẹni tó bá ra márùn-ún bá ń gba ẹyọ kan lénì, ẹ padà lọ ṣírò. Wọ́n padà lọ. 36 yẹn, mẹ́fà-mẹ́fà ló ń lọ, márùn-ún lówó wà lórí ẹ̀, ẹyọ kan lọ lófo. Agolo 30 péré lowó wọlé fún. 30 lọ́nà 180 jẹ́ 5,400, iye tí a ná gẹ́lẹ́. Kò séèrè kọ́bọ̀. Kíláàsì pa lọ́lọ́.

Pírọ́ọ̀dù keje, mo ní kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà àbáyọ, kí wọ́n sì gbèjà ẹ̀. Àwọn kan gbé owó ẹ̀ lọ sí 220, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bi wọ́n pé ta ló máa rà á nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń tà á ní 180. Àwọn kan ní ẹni tó bá ra mẹ́wàá nìkan ló máa gba ènì, wọ́n ṣírò ẹ̀, agolo mẹ́ta péré ló lọ lénì, 33 lowó wà lórí ẹ̀, 5,940, èrè 540, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn lèyí tó wù mí jù, àmọ́ mi ò sọ fún wọn. Kẹjọ àti kẹsàn-án, oníkálukú kọ tiẹ̀ sílẹ̀, a sì tún àwọn tí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ń dà láàmú kọ́.

Ìkẹwàá ni tẹ́ẹ̀sì, mi ò sì bèèrè gàrí. Mo ní mo ra ọsàn 60 ní 3,000 náírà, nígbà tí mo débí mẹ́fà ti bàjẹ́, mo sì fẹ́ ta ẹyọ kan ní 60 náírà, kí ni kí n retí? Ẹni tó ti mọ nǹkan tá à ń wí máa ta 54, á rí 3,240, èrè 240, ìdá mẹ́jọ. Ẹni tó kàn há bá a ṣe ṣe ti gàrí sórí máa ta gbogbo 60, á sọ pé ìdá ogún. Bí mo ṣe ń mọ̀ bóyá ó wọlé nìyẹn, mo máa ń pààrọ̀ nǹkan tó wà nínú ìbéèrè, kí n wo bóyá ìrònú náà tẹ̀lé ọmọ lọ síbẹ̀.

Ó dùn gbọ́, àmọ́ tí mo bá lo pírọ́ọ̀dù mẹ́wàá báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ parí skíìmù?

Ẹ ò ní parí ẹ̀ tó bá jẹ́ pé gbogbo tópíìkì lẹ fẹ́ ṣe bí ti gàrí. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún kan, ọ̀sẹ̀ kẹjọ mo wà ní tópíìkì kẹrin, ọ̀gá iléèwé tí mo wà nígbà yẹn pè mí sí ọ́fíìsì ó fi nóòtù mi wé ti tíṣà kíláàsì ẹgbẹ́ tiwa, ó ní mò ń ṣeré. Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo wá ronú sí i, òun náà kò jẹ̀bi tán, torí pé iye tópíìkì táwọn inspẹ́kítọ̀ máa bi òun náà nìyẹn.

Ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà yẹn ni pé kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tẹ́ skíìmù sílẹ̀, mo máa ń wá tópíìkì méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ pé àwọn yòókù rọ̀ mọ́ ọn. Èrè àti àdánù, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, owó, wíwọn nǹkan, pápọ̀ ni gbogbo wọn ń rìn, gàrí yẹn kó mẹ́rin nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yẹn ni mo máa fún ní àyè. Àwọn tó kù, bíi òǹkà àwọn ará Róòmù, pírọ́ọ̀dù méjì ó tó, mo kọ́ ọ wọ́n ṣe é a ti lọ. Mi ò sì purọ́ nínú dáyárì, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé tópíìkì mẹ́ta yìí la parapọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, mo kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń kà á lè rí wọn.

Ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì mi. Gúrúùpù wo?

Mo ti kọ́ 70 rí, mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Àkọ́kọ́, ẹ má ra gàrí fún gúrúùpù mẹ́wàá, owó oṣù yín ò gbé e. Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ṣeé wọ̀n pẹ̀lú agolo bíi gàrí, rọ́bà gàrí kan ṣoṣo tó jẹ́ tòótọ́ wà níwájú, gúrúùpù méjì-méjì ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n nígbà táwọn yòókù ń ṣírò owó tó jáde.

Èkejì ni èyí tó le jù. Nínú ọmọ méje tó jókòó yí tábìlì kan ká, ọmọ kan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹni kan á máa kọ ohun tó bá sọ, márùn-ún á máa wòran, tíṣà tó bá sì dúró níwájú á rò pé gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ ni pé mo máa ń lọ bá ẹni tó dákẹ́ jù lórí tábìlì, mo á ní kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n dé. Tó bá wo ojú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó tó lanu, mo ti mọ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, oníkálukú kọ ìdáhùn tiẹ̀ sínú ìwé, bó tiẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi tiwọn wéra.

Ẹ má sì gbìyànjú láti wo ọmọ 70 lọ́jọ́ kan. Mo máa ń kọ orúkọ ọmọ mẹ́wàá sórí pépà kékeré kan láàárọ̀, àwọn nìkan ni mò ń ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ méje, mo ti wo gbogbo wọn.

Báwo lẹ ṣe ń máàkì irú nǹkan yìí? Èló lórí èló?

Ní Kẹ́ńyà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù yìí wọ kíláàsì lọ́dún 2017 láti fi rọ́pò ètò ẹ̀kọ́ 8-4-4 tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti 1985, ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín iṣẹ́ ọmọ sí: ọmọ tó kọjá ohun tí a retí, ẹni tó dé ibẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, àti ẹni tí kò tíì débẹ̀. Mo yá a lò fún tèmi torí pé ó rọrùn lẹ́nu.

Nínú ti gàrí wa, ẹni tí kò tíì débẹ̀ ni ẹni tí kò lè sọ ibi tí èrè ti ń wá kódà tí mo bá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ ṣírò dáadáa àmọ́ ó gbàgbé owó ọkọ̀ tàbí ènì, ṣùgbọ́n tí mo bá ní "ènì ńkọ́?", ó máa tún un ṣe fúnra ẹ̀. Ẹni tó débẹ̀ ka gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn láìsí pé mo rán an létí. Ẹni tó kọjá ibẹ̀ mú ọ̀nà àbáyọ wá, ó sì lè sọ ohun tí oníbàárà máa ṣe sí i.

Àṣìṣe táwọn tíṣà ń ṣe níbi tí mo bá dé, tí èmi náà ti ṣe, ni pé wọ́n máa kọ ìpele yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "dáadáa púpọ̀", "dáadáa", "ó tó bẹ́ẹ̀", "kò dáa". Ìyẹn ò sọ nǹkankan. Tí ẹ bá gbé iṣẹ́ ọmọ kan náà fún tíṣà méjì pẹ̀lú irú ìpele yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fún un. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: ó ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, tàbí kò kà á mọ́ ọn.

Ti èló lórí èló, mo mọ̀ pé káàdì ìjábọ̀ wa máàkì ló ń bèèrè. Mo máa ń fi tẹ́ẹ̀sì ọsàn yẹn gba máàkì tó wọ káàdì, mo sì máa ń fi ìpele mẹ́rin yẹn sínú ìwé tèmi, láti mọ ẹni tí mo máa padà kọ́. Ẹ má ṣe sọ gbogbo ìgbà tí ẹ bá wo ọmọ di máàkì, ẹ máa kú sídìí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà Kẹ́ńyà pariwo lé lórí nìyẹn, torí pé níbẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ ṣe níléèwé ní kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ló kó 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò ìparí kíláàsì kẹfà kó 40, tíṣà sì gbọ́dọ̀ fi máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Ìrònú tó wà nídìí ẹ̀ dáa, àmọ́ alẹ́ tí tíṣà yẹ kó fi múra ẹ̀kọ́ ọ̀la sílẹ̀ ló fi ń tẹ máàkì.

Wáẹ̀kì ńkọ́? Wáẹ̀kì ò bèèrè gàrí.

Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ tan yín jẹ. Bí ìdánwò tó ń pinnu ọjọ́ ọ̀la ọmọ bá ṣì jẹ́ kéèyàn mú A tàbí B, tíṣà máa padà síbẹ̀, òbí máa fẹ́ kó padà síbẹ̀, tí táàmù kẹta bá sì ti dé, gúrúùpù á ká kúrò nílẹ̀ kí ìwé ìbéèrè àtijọ́ tó gba àyè. Kọ́ríkúlọ́ọ̀mù lè sọ ohun tó bá wù ú, ìdánwò ni tíṣà ń tẹ̀ lé.

Àmọ́ ẹ wo nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ka ìjábọ̀ táwọn ọ̀gá tó ń máàkì Wáẹ̀kì ń gbé jáde lórí ìṣirò, ẹ̀sùn kan wà tó ń padà wá, pé àwọn ọmọ ò lè sọ ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ di ìṣirò. Wọ́n mọ fọ́múlà, wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó. Ọmọ tó ti jókòó wo ènì jẹ gbogbo èrè ẹ̀ tán, tó bá ka ìbéèrè ọlọ́rọ̀ gígùn, ó máa ń bi ara ẹ̀ pé kí ni wọ́n fi pamọ́ fún mi níbí. Torí náà èmi kì í pa ìbéèrè àtijọ́ tì, mo máa ń mú un wọ pírọ́ọ̀dù kẹjọ àti kẹsàn-án.

Ṣé a ò ní jẹ́ kí ọmọ há nǹkan sórí mọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n há a sórí! Ọmọ tí kò mọ mẹ́fà lọ́nà méje láìronú, kò lè ráyè ronú nípa ènì, gbogbo ọpọlọ ẹ̀ ló ti tán sí ìṣírò kékeré. Mo rí kíláàsì kan tí wọ́n ti pa tábìlì ìsọdipúpọ̀ tì pátápátá torí pé wọ́n ní ìyẹn jẹ́ ti àtijọ́, ní pírọ́ọ̀dù karùn-ún wọ́n ṣì ń ka ìka.

Gúúsù Áfíríkà ti rìn lójú ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní Kọ́ríkúlọ́ọ̀mù 2005 jáde ní 1997, ó wọ kíláàsì ní 1998. Ohun tí ọmọ lè ṣe ni gbogbo ẹ̀ dá lé, èrò tó dáa ni. Àmọ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Linda Chisholm ṣe alága ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní 2000, wọ́n rí i pé èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ le kọjá ohun tí tíṣà lè tú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ táwọn tíṣà gbà kéré, ìwé ò tó, kò sì yé tíṣà ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ní kíláàsì wo gan-an. Wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tó fi máa di 2012 wọ́n ti padà sí èyí tó ń sọ fún tíṣà ní pàtó ohun tó máa kọ́ àti ìgbà tó máa kọ́ ọ. Àwọn tíṣà ìlú tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù, tí wọ́n ní ìwé àti kíláàsì kékeré, rí i ṣe. Ọmọ tálákà ló jìyà ẹ̀ jù, òun gan-an tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e wá.

Tẹ́ ẹ bá ti ń rí tíṣà tó lè sọ orúkọ síkíìlì mẹ́wàá tó ń kọ́, àmọ́ tí kò lè sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè ṣe wọ́n, ọ̀nà yẹn ló ti ń gbà.

Àwọn òbí ń sọ pé ìwé ọmọ àwọn ṣófo, pé a ò kọ́ wọn ní nǹkankan.

Wọn ò jẹ̀bi. Nóòtù ni ojú wọn mọ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ ojú ìwé kan lórí iṣẹ́ tá a ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà, kó gbé e lọ fún ẹni tó bá ń tajà nílé tàbí ládùúgbò kó bi í bóyá ó jẹ́ òótọ́. Ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́ gàrí yẹn, ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín ní kí n má ṣe fúnni lénì mọ́ o." A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó jókòó, ó ní kí n tún un ṣírò fóun.

Ohun tí mo máa ń yẹra fún ni púrójẹ́ẹ̀tì tó ń béèrè owó, kádíbọ́ọ̀dù, gọ́ọ̀mù, ìwé aláwọ̀ mèremère. Ní Kẹ́ńyà àwọn òbí fẹ̀hónú hàn púpọ̀ lórí ìyẹn, owó ń jáde, àwọn gan-an ló sì ń jókòó ṣe é lálẹ́. Tí iṣẹ́ tọ́mọ gbé wá bá mọ́ ju ọwọ́ ọmọ lọ, ẹ ò tíì mọ ohun tọ́mọ lè ṣe, ohun tí bàbá ẹ̀ lè ṣe lẹ rí yẹn. Kí wọ́n ṣe é ní kíláàsì, níṣojú yín.

Inspẹ́kítọ̀ wọlé, ariwo wà ní kíláàsì mi, ó ní mi ò lè kápá ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè kan sójú bọ́ọ̀dù lókè, gàdàgbà: "Ṣé a máa jèrè lórí gàrí yìí?" Tí àlejò bá wọlé, ẹ jẹ́ kó bi ọmọ tó bá wù ú pé kí lẹ ń ṣe. Tí ọmọ náà bá lè tọ́ka sí bọ́ọ̀dù kó ṣàlàyé, ariwo yẹn ti di ariwo iṣẹ́. Tí ọmọ mẹ́ta bá sọ pé àwọn ò mọ̀, àwọn kàn ń wọn gàrí ni, òótọ́ ni inspẹ́kítọ̀ sọ, kò sì kan tijú, ẹ dá gbogbo kíláàsì padà síwájú kẹ́ ẹ tún ìbéèrè náà sọ.

Èmi ò tíì ṣe é rí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tópíìkì kan ṣoṣo ní táàmù yìí. Ẹ mú èyí tí ẹ mọ̀ jù, tí ohun èlò ẹ̀ wà nítòsí, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kọ ìbéèrè tẹ́ẹ̀sì ìkẹyìn kẹ́ ẹ tó kọ nóòtù ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí nǹkan inú ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa lò ní kíláàsì. Ẹ ṣe é fúnra yín nílé, pẹ̀lú agolo àti rọ́bà, kẹ́ ẹ rí ibi tó ti máa daru. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ti gàrí yẹn mi ò wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, mo ti kọ agolo 40 sínú nóòtù mi, nígbà tí àwọn ọmọ sì rí 36, mo sọ fún wọn pé wọ́n ṣìṣe. Ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ nípa kí orí ẹ̀ ga yẹn, ọdún tó tẹ̀ lé e lòun wá sí kíláàsì mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ọmọkùnrin kan gbọ́wọ́ sókè ó fẹ́ sọ nǹkan kan náà, mo ní kó jókòó.